Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: gígé “ó ṣeé ṣe” kúrò nínú àbájáde ìwádìí

Èmi ni mo máa ń ké ìròyìn ìlera kúrú sí ojú ìwé kan fún ẹgbẹ́ wa ní Kubwa, níbí l'Ábùjá. Nígbà kan mo kọ ọ́ pé: “Ẹran pupa máa ń fa jẹjẹrẹ ìfun ńlá.” Lẹ́yìn ìpàdé, opó kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Bọ̀dá, ṣé súyà tí mo máa ń rà fún bàbá àwọn ọmọ mi lálẹ́ Jímọ̀ ló pa á?” Ìwé tí mo kà kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́.

Lọ́dún 2015, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé pe onímọ̀ 22 jọ láti orílẹ̀-èdè 10, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀rí tó so ẹran mọ́ jẹjẹrẹ wò, kí wọ́n sì pín ẹran sí ìsọ̀rí. Ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ tàbí èéfín tọ́jú bọ́ sí ìsọ̀rí 1: ó ń fa jẹjẹrẹ, kò sí “bóyá” níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran pupa fúnra rẹ̀, bíi ti màlúù àti ewúrẹ́, bọ́ sí 2A, èyí tó jẹ́ “ó ṣeé ṣe gan-an”. Ìdí ni pé wọ́n rí i pé àìsàn náà bá jíjẹ ẹran pupa rìn, àmọ́ wọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe nǹkan mìíràn ló fà á. Ní ti bí a ṣe ń se ẹran tàbí sun ún, wọ́n ní ẹ̀rí kò tó láti sọ ohunkóhun.

Má ṣe kọ “máa ń fa” nígbà tí ìwé bá sọ pé “ó ṣeé ṣe”. “Máa ń” ti sọ ọ́ di ohun tí gbogbo wa mọ̀, bí òjò ṣe máa ń rọ̀ lóṣù kẹjọ.

Má sì rò pé “lè” nìkan ti tó. Èyí ni àwa tí à ń kọ Yorùbá kì í fura sí. “Ó lè fa jẹjẹrẹ”: ẹnìkan á gbọ́ ọ bíi “bóyá”, ẹlòmíràn á gbọ́ ọ bíi “agbára rẹ̀ ká a”. Kọ “ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé” tàbí “ó jọ pé”, kódà bó bá gba àyè.

Má fi ìsọ̀rí wọn ìwọ̀n ewu. Bí ẹ̀rí ṣe lágbára tó ni ìsọ̀rí ń sọ. Kò sọ iye ènìyàn tí nǹkan náà yóò ṣe. Sìgá àti ẹran oníyọ̀ jọ wà ní ìsọ̀rí 1, ewu wọn kò sì dọ́gba rárá.

Mo tún un kọ báyìí: “Ó ṣeé ṣe gan-an kí ẹran pupa wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ìfun ńlá, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí wọ́n rí lára ènìyàn kò tíì tó láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìwádìí yìí kò sì lè sọ ohun tó fa àìsàn ẹnìkan pàtó.” Mo mú un lọ bá obìnrin náà nílé. Ó ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kejì, pàápàá gbólóhùn tó gbẹ̀yìn.