Nígbà tí asẹ́ Búlúùmù bá ní “kò sí” sí ohun tó wà: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Ní Adó-Èkìtì, èmi àti àbúrò mi kan níbi iṣẹ́ la jọ ń bójú tó ẹ̀rọ ìwákiri kan tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé àtijọ́ nípa àwọn ìlú Èkìtì. Ìwé náà pọ̀ débi pé a pín wọn sí ogójì àpótí lórí sáfà. Kí ìwákiri má baà máa ṣí gbogbo àpótí lẹ́ẹ̀kan náà, a gbé asẹ́ Búlúùmù síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó máa yára sọ bí ọ̀rọ̀ kò bá sí nínú àpótí náà. Lọ́jọ́ kejì ẹnìkan tẹ “Ọ̀tun” láti orí fóònù, ẹ̀rọ sì dá a lóhùn kíá pé kò sí. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí asẹ́ tó dé, ọ̀rọ̀ kan náà ń mú ìwé jáde, bó tilẹ̀ ń falẹ̀. Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, a ti mú un yá, àmọ́ a ti fọ́ ọ lójú.”

Asẹ́ yìí, tí Búlúùmù gbé jáde ní 1970, kì í tọ́jú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ìlà bíìtì gígùn ni, tí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 0. Ọ̀rọ̀ tó bá wọlé á gba inú háàṣì mélòó kan, ìyẹn ìṣirò tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, háàṣì kọ̀ọ̀kan á tọ́ka sí àyè kan, a ó sì sọ àyè náà di 1. Nígbà tí a bá béèrè, bí ẹyọ àyè kan bá ṣì jẹ́ 0, ọ̀rọ̀ náà kò wọlé rí. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ 1, ó ṣeé ṣe kó wà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mìíràn ló sọ àwọn àyè náà di 1. Ìdí nìyí tí a fi ń gba “kò sí” rẹ̀ gbọ́ pátápátá. Àmọ́ báìtì tí a fún un nìkan ni ìlérí náà wà fún.

Ibẹ̀ ni a ti ṣì í. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà kọ “ọ̀” ju ẹyọ kan lọ, bí ojú ò tilẹ̀ rí ìyàtọ̀. Mẹ́ta nínú wọn nìyí:

```
U+1ECD U+0300
U+006F U+0323 U+0300
U+00F2 U+0323
```

Àwọn tó tẹ ìwé lo ọ̀nà kejì, fóònù ẹni yẹn sì lo ìkẹta. Atọ́ka tó wà nínú àpótí ti ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan ṣoṣo, àmọ́ asẹ́ tí a gbé síwájú rẹ̀ ń gba báìtì bí wọ́n ṣe dé. Báìtì yàtọ̀, háàṣì yàtọ̀. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ sínú asẹ́ kí ẹ tó gbé e gba ọ̀nà kan náà tí atọ́ka ń gbà:

```python
import unicodedata as u
def kokoro(s):
    s = u.normalize("NFC", s.casefold())
    return " ".join(s.split())
```

Bí atọ́ka yín bá ń yọ àmì ohùn kúrò, kí asẹ́ náà yọ ọ́. Bí kò bá yọ ọ́, ẹ má yọ ọ́.

Ohun tó bà á jẹ́ jù ni káàṣì èsì. A ti ní kó tọ́jú ìdáhùn fún wákàtí 24, “kò sí” pẹ̀lú. Nítorí náà, lẹ́yìn tí a tún asẹ́ ṣe, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ bákan náà ṣì ń gba “kò sí” títí di ọjọ́ kejì. Ní tèmi, èsì òfo kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ nínú káàṣì, kọ́kọ́rọ́ káàṣì sì gbọ́dọ̀ gbé nọ́ńbà ẹ̀dà atọ́ka dání, kí ẹ̀dà tuntun má baà jogún irọ́ ti àtijọ́.

Àwọn kan tún máa ń fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú asẹ́, wọ́n á sọ àyè rẹ̀ padà di 0. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ọ̀rọ̀ mìíràn lè máa lo àyè yẹn, òun náà á sì di “kò sí”. Ṣe ni kí ẹ kọ asẹ́ mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àkúnjù ò pa ìdáhùn mọ́ ní tirẹ̀, iṣẹ́ tí asẹ́ wá ṣe ló ń pa. Bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ní bíìtì 10 tí háàṣì sì jẹ́ 7, nǹkan bí 1 nínú 100 ìbéèrè fún ohun tí kò sí ni yóò ṣí àpótí lásán. Ẹ fi ìlọ́po méjì ọ̀rọ̀ sínú asẹ́ kan náà, ó di nǹkan bí 14. Ẹ fi ìlọ́po mẹ́ta síi, ó di 40. Kò sí ìkìlọ̀ kankan tí yóò jáde, ìwákiri á kàn máa falẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ní báyìí, nínú ọgọ́rùn-ún “kò sí” tí asẹ́ wa bá sọ, a máa ń mú ẹyọ kan ká sì ṣí àpótí náà wò. Bí ìwé bá jáde láti ibẹ̀, a pa asẹ́ náà lójú ẹsẹ̀, a sì jẹ́ kí ìwákiri máa falẹ̀ títí a ó fi rí ibi tí báìtì ti yà.