Ẹ Yé Fín Oògùn Ẹ̀fọn Sí Igi Ọsàn Wẹ́wẹ́ Yín

Èkínní, bí ewé bá ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má pè é ní ìrì. Ẹ yí ewé náà padà, kí ẹ tọ ẹ̀ka dé ìdí. Kókó búráùn pẹlẹbẹ tí ẹ bá rí níbẹ̀, tí kì í rìn, tí kì í fò, kòkòrò ni. Ó ti ki ẹnu bọ igi, ó ń fa omi rẹ̀ mu, ó sì ń tọ̀ ọ́ dídùn sórí ewé ìsàlẹ̀.

Èkejì, ẹ má náwó lórí dúdú tó bo ewé. Èbu lásán ni, omi dídùn yẹn ló ń jẹ. Bí kòkòrò bá tán, aṣọ tútù á nù ún kúrò.

Ẹ̀kẹta ni oògùn ẹ̀fọn inú agolo, ó ti sú mi pátápátá! Màmá kan láti Alágbàká gbé ọsàn wẹ́wẹ́ inú ìkòkò wá bá mi ní ọgbà òdòdó. Wọ́n ti fín agolo tán sí i lára. Ewé ti jóná, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi èékánná họ kókó kan, omi ló tú jáde. Ó wà láàyè, ó ń jẹun lọ. “Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Mà,” ni mo wí. Èépo ẹ̀yìn rẹ̀ ló bò ó bí ìgbá ahun, oògùn ò kàn án. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sì wà lábẹ́ ìyá wọn. Àwọn kòkòrò tó ń pa wọ́n jẹ ni oògùn náà rí pa.

A gé ẹ̀ka tó burú jù, a dì í sínú ọ̀rá. A fi òwú tí a rẹ sínú sípíríìtì kan kókó kọ̀ọ̀kan, a wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ họ wọ́n kúrò. Lẹ́yìn náà, ṣíbí tíì kan ọṣẹ ìfọwo olómi nínú lítà omi kan. Ẹ dán an wò lára ewé kan ná. Bí kò bá jóná lọ́jọ́ kejì, ẹ fín in nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì dé abẹ́ ewé. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni, fún oṣù kan, nítorí àwọn ọmọ tó ń jáde kẹ́yìn. Ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré, kó má wá bá mi jà.

Ẹ má gbàgbé èèrà: omi dídùn ni wọ́n ń lá, wọ́n á sì máa lé ẹni tó fẹ́ pa kòkòrò náà jẹ. Ẹ gbé ìkòkò lé bíríkì nínú àwo omi, kí ẹ̀ka má sì kan ògiri. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa nílò oògùn ẹ̀fọn lóòótọ́.

Ẹ má bu ajílẹ̀ sí i ní àsìkò yìí.

Òkú kókó kì í já bọ́ fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó pariwo pé kò ṣiṣẹ́, ẹ họ ọ́: bó bá gbẹ bí èèpo ẹ̀pà, ó ti kú, bó bá tutù, ẹ gbé sípíríìtì yín padà.