Bí a ṣe ń yọ iye owó, iye ọjà àti àdéhùn ìfiránṣẹ́ jáde nínú ìfohùnránṣẹ́ gígùn

Ìfohùnránṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́fà. Àlàájà kan ní Èkó, tí mo máa ń ra aṣọ funfun tí a fi ń ṣe àdìrẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, mo sì gbọ́ ọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nínú ìsọ̀ mi ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo. Ó kí mi, ó bèèrè àwọn ọmọ, ó sọ̀rọ̀ òjò, kí ọ̀rọ̀ ọjà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán láì kọ ohunkóhun sílẹ̀, nítorí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti orí rẹ̀ máa ń tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe bó ti ń lọ. Àlàájà ní ìdì kan, tí í ṣe yáàdì mẹ́wàá, jẹ́ 19,000 náírà. Nígbà tó ṣe, ó ní bí mo bá kó tó ogójì ìdì, òun yóò ṣe é ní 18,000. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó rántí pé ìdì márùndínlógójì péré ló kù nílẹ̀, pé márùn-ún yòókù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá dúró síbi ẹ̀dínwó ti kọ 18,000 sílẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kò tíì tán.

Ní ìgbà kejì tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ mú bírò. Ẹ fi nọ́ńbà kọ gbogbo iye, ẹ má fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́. Ibi tí ewu wà jù ni “lé” àti “dín”: ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ni 18,000, ẹgbẹ̀rún méjìlélógún sì ni 22,000, bí ọkọ̀ bá sì ń fọn fèrè lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ìró kékeré àárín yẹn ló máa ń bọ́ sọnù. Ẹ dá ibẹ̀ padà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì; bí kò bá ṣì dá yín lójú, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ àwọn ohun tí ẹ ó bèèrè. Ẹ kọ ohun tí iye náà dúró fún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, ìdì tàbí yáàdì.

Ọjọ́ náà nílò àkíyèsí. Àlàájà ní “ọ̀túnla” lòun yóò kó ọjà sọ́kọ̀, lẹ́yìn tí mo bá san ìdajì owó. Láti ọjọ́ Ajé tó sọ̀rọ̀ ni a ó ti kà á, ó sì di Ọjọ́rú. Bí mo bá kà á láti ìgbà tí mo gbọ́ ọ, Ọjọ́bọ̀ ni màá máa retí. Nítorí náà, ẹ wo ọjọ́ àti aago tó wà lábẹ́ ìfohùnránṣẹ́ náà, kí ẹ sì kọ orúkọ ọjọ́. Ẹ rántí pé ọjọ́ tí ọjà wọ ọkọ̀ kì í ṣe ọjọ́ tó dé gáréèjì Òṣogbo.

Lórí owó ọkọ̀, ó ní, “Ẹ má ṣèyọnu, a ó rí i ṣe.” Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nìyẹn, kì í ṣe àdéhùn. Ẹ má kọ ọ́ pé òun ni yóò san án.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé mi nìyí:

Iye owó: 19,000 fún ìdì kan, 18,000 bí ó bá tó 40.
Iye ọjà: 35 wà nílẹ̀; 5 di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.
Ìfiránṣẹ́: yóò wọ ọkọ̀ ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí mo bá san ìdajì owó.
A kò tíì mọ̀: èwo ni iye owó 35 yìí? Ta ni yóò san owó ọkọ̀? Ọjọ́ wo ni 5 yóò wọ ọkọ̀?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn wúwo jù, nítorí ìdì 35 ní 19,000 jẹ́ 665,000 náírà, ní 18,000 ó jẹ́ 630,000. Mo kọ̀wé sí i, n kò fi ohùn dá a lóhùn, kí èsì rẹ̀ lè wà ní kíkọ: “Ẹ kú iṣẹ́, Àlàájà. Mo fẹ́ 40. Bí 35 bá kọ́kọ́ wá, ṣé 18,000 náà ni fún gbogbo rẹ̀? Ta ni yóò san owó ọkọ̀? Ọjọ́ wo ni 5 yòókù yóò wọ ọkọ̀?” N kò fi owó ránṣẹ́ títí ó fi dáhùn.

Ní ọ̀sán ó fèsì pé 18,000 ni, bí mo bá san ìdajì owó ogójì, ìyẹn 360,000, pé èmi ni n ó san owó ọkọ̀ ní gáréèjì, àti pé márùn-ún yòókù yóò wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Mo fagi lé ìlà “A kò tíì mọ̀,” mo sì kọ èsì náà sí abẹ́ rẹ̀.