Ẹ ka páàdì yín

Ẹ̀yin ìyá wa ní Ìtòkú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ka páàdì tí ẹ ń lò bí ẹ bá ń ṣe nǹkan oṣù. Bí páàdì bá ń rin gbingbin láàárín wákàtí kan, fún wákàtí méjì léraléra, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dídì fẹ̀ ju íǹṣì kan lọ, nǹkan oṣù yẹn ti pọ̀ jù. Ká ní aláàdìrẹ kan rí èyí lóṣooṣù, tí mímí rẹ̀ ń já bó bá gun àtẹ̀gùn: kó ṣe àyẹ̀wò PCV, tó ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ ara tó. Bó bá jẹ́ 27, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. 36 sókè ló dáa. Oògùn ẹ̀jẹ̀ nìkan ò tó o, torí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà. Kó ṣe sikáànù ikùn, pàápàá bí ikùn bá ń le tó sì ń tọ̀ lemọ́lemọ́, torí ó lè jẹ́ fáíbírọ́ìdì. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.