Àárín Ọmọ Ìka Ẹsẹ̀ Tó Ń Bó: Àṣìṣe Tí Ẹ̀yin Oníbùútù Ń Ṣe

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í rí wọn ní kẹ́míìsì mi níbí, ní Iléṣà. Bíríkìlà ni, wẹ́dà ni, àwọn tó ń wa góòlù nínú kòtò olómi ni, àwọn tó ń ṣọ́ géètì ni. Wọ́n á bọ́ bùútù lẹ́nu ọ̀nà, òórùn á sì ti ṣáájú wọn wọlé. Ohun kan náà ni gbogbo wọn máa ń fi hàn mí: àárín ọmọ ìka tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e ti funfun, ó ti rọ̀ bí ọwọ́ ẹni tó fọ aṣọ láti àárọ̀, ó ń bó, ó ń yún, ó sì ń rùn. Àìsàn yẹn kọ́ ló ń bí mi nínú. Owó tí wọ́n ti ná dànù kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi ló ń bí mi nínú.

Ìbátan èbu tó ń hù lára búrẹ́dì ló ń fà á, ìdílé kan náà pẹ̀lú èyí tó ń fa làpálàpá. Awọ òkè tó ti kú ló máa ń jẹ, ibi tó gbóná, tó lọ́rinrin, tí afẹ́fẹ́ ò sì dé ló fẹ́ràn. Òórùn yẹn, kòkòrò mìíràn tó bá a dá sí ọ̀rọ̀ ló sábà máa ń mú un wá, nítorí awọ tó ti rà jẹ́ oúnjẹ fún òun náà.

Àṣìṣe kìíní: kẹrosíìnì, bílíìṣì, omi bátìrì. Ẹ má dà á sí i. Ó máa jó awọ yín, èbu náà á sì wà níbẹ̀ lábẹ́ egbò tuntun.

Àṣìṣe kejì: kí ẹ tú kápúsù, kí ẹ da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sáàárín ìka. Oògùn kápúsù yẹn kì í pa èbu.

Àṣìṣe kẹta ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ èyí. Ìpara àlùpọ̀ ni, èyí tí wọ́n máa ń pè ní mẹ́ta-nínú-ọ̀kan. Oògùn tó ń pa èbu wà nínú rẹ̀, oògùn tó ń pa kòkòrò wà nínú rẹ̀, ẹ̀kẹta ni sítẹ́rọ́ọ̀dì, oògùn tó máa ń mú kí ara pupa àti ara yíyún rọlẹ̀. Sítẹ́rọ́ọ̀dì yìí ni ìṣòro. Bí ẹsẹ̀ bá ń yún, tó ń pọ́n, ara yín ló ń bá èbu jà. Sítẹ́rọ́ọ̀dì máa ń sọ fún ara pé kó dẹwọ́ ìjà. Yíyún á dáwọ́ dúró láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ ó rò pé ẹ ti rí oògùn, ẹ ó gbé e jù síbì kan. Èbu ò lọ ibì kankan. Ó ń jẹun lọ ní pẹ̀lẹ́, torí kò sẹ́ni tó ń bá a jà mọ́.

Mo fẹ́ ròyìn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe lébìrà lọ́dọ̀ àwọn bíríkìlà. Oṣù kẹfà ló kọ́kọ́ rí i láàárín ìka ẹsẹ̀ òsì. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ní kó ra ìpara àlùpọ̀. Ó fi í pa á fún ọjọ́ mẹ́rin, yíyún lọ, ó dá a dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó padà dé, ó sì ti kan ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ra òmíràn. Bó ṣe ń ra, tó ń dáwọ́ dúró, tí nǹkan ń padà wá nìyẹn títí ó fi pé ìpara mẹ́fà láàárín oṣù mẹ́ta. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti gun itan rẹ̀ débi abẹ́, awọ ibẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́, ó ti ní ìlà-ìlà pupa. Sítẹ́rọ́ọ̀dì ló ṣe ìlà yẹn. Bó ṣe gun òkè ni pé àárọ̀ ni ó máa ń wọ pátá kọjá lórí ẹsẹ̀ tó ní èbu. Bí ẹ bá ní in lẹ́sẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀, kí ẹ tó wọ pátá.

Mo ní kó dá ìpara náà dúró pátápátá, mo sì fún un ní èyí tó ń pa èbu nìkan. Ní ọjọ́ karùn-ún ó padà wá, ojú rẹ̀ ti pọ́n: "Mọ́mì, oògùn yín ti bà á jẹ́ sí i, kò jẹ́ kí n sùn." Kò parọ́. Bí ẹ bá yọ sítẹ́rọ́ọ̀dì kúrò, ara á jí padà sí ìjà tó ti fi sílẹ̀, ibẹ̀ á pọ́n, á sì yún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sáré padà sídìí ìpara àlùpọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé, "Ọmọ mi, fara dà á." Ó gbọ́.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ rèé. Ẹ ka orúkọ oògùn tí wọ́n kọ wẹ́wẹ́ sára ìpara, kì í ṣe orúkọ gàdàgbà tó wà níwájú. Èyí tí ẹ ń wá ni kilotirimasóòlù, ìpín 1 nínú 100. Èyí tí ẹ máa sá fún ni kilobẹtasóòlù. Ẹ wò ó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ bákan náà, wọ́n parí bákan náà, mo sì ti rí àwọn olùtajà tó gbé ọ̀kan dípò èkejì. Àárín orúkọ ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá rí "tirima" nìkan, ó dára. Bí ẹ bá rí "bẹta", ẹ gbé e sílẹ̀, torí bẹtamẹtasóònù náà ní in, sítẹ́rọ́ọ̀dì sì ni àwọn méjèèjì. Kilobẹtasóòlù yìí kan náà ni àwọn tó ń bóra ń pò mọ́ ìpara wọn.

Lílò rẹ̀ tún ní àṣìṣe tirẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ẹsẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ nu àárín ìka kọ̀ọ̀kan títí yóò fi gbẹ, kí ẹ tó fi kilotirimasóòlù pa á ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Kí ó fẹ́lẹ́, kó sì kọjá etí ibi tó ń bó dé ara tó dára ní ìwọ̀n ìbú ìka méjì. Bí ẹ bá tò ó pelemọ sáàárín ìka, ìpara náà fúnra rẹ̀ á mú kí ibẹ̀ lọ́rinrin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló sábà máa ń gbà, bí ojú rẹ̀ bá sì ti dára, ẹ tún máa pa á fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni gbogbo èèyàn ń fò. Tabinafáìnì, tí òun náà ń pa èbu, yára jù, ọ̀sẹ̀ kan sábà máa ń tó fún àárín ìka, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga ju ti kilotirimasóòlù lọ.

Pọ́dà lórí ẹsẹ̀ tó tutù: ẹ̀kọ ni ẹ ń rò sáàárín ìka.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin yẹn, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tíì tán. Abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Àárín ìka gbẹ, ó sì tún padà di funfun ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bẹ́ẹ̀ kò pa oògùn jẹ. Mo ní kó gbé bùútù rẹ̀ wá kí ó tó lọ síbi iṣẹ́. Aago méje àárọ̀ ni mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó sì tutù wínníwínní. Bùútù kan ṣoṣo ló ní. Ó ń bọ́ ọ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó ń tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń wọ̀ ọ́ padà ní òwúrọ̀. Nínú oṣù kẹsàn-án, tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ lómi, bùútù aláwọ tó ti mu òógùn ọjọ́ kan kò lè gbẹ mọ́jú lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èbu náà sì lè wà láàyè nínú bùútù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí òṣómàáló ayé àtijọ́ ló ṣe lóṣòó síbẹ̀, kò ní dìde títí ẹ ó fi ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Bùútù méjì ni ìdáhùn, kí ẹ máa wọ ọ̀kan lónìí, kí ẹ wọ èkejì lọ́la, kí ọ̀kan máa sinmi fún odindi ọjọ́ kan. Ẹ ó ní owó rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó ra ìpara mẹ́fà tí kò wò ó sàn ti ná owó tó yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ti bùútù kejì. Ẹ má sì torí owó lọ ra òkìríkà bùútù, ẹ ò mọ ẹsẹ̀ ẹni tó ti wà nínú rẹ̀.

Bí kò bá tíì sí owó, bùútù kan náà ṣeé gbẹ bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ yọ okùn, ẹ la ahọ́n rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fa ìtẹ́sẹ̀ inú rẹ̀ jáde kó dá gbẹ. Ẹ fi àkísà nu inú, ẹ ki bébà ìwé ìròyìn kún un dé ṣóńṣó. Lẹ́yìn wákàtí kan, bébà yẹn á ti mu omi. Ẹ yọ ọ́, ẹ ki òmíràn. Ẹ tún pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì gbé bùútù síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ tàbí síwájú fáànù. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná: awọ á là, àtẹ̀ ìsàlẹ̀ á sì ṣí. Ní àárọ̀, ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ibi ọmọ ìka. Bó bá ṣì tutù níbẹ̀, kò tíì gbẹ.

Ìbọ̀sẹ̀ méjì ni kí ẹ gbé lọ síbi iṣẹ́. Òwú máa ń mu òógùn, ṣùgbọ́n bó bá ti mu yó, ó di aṣọ tútù tí ẹ fi wé ẹsẹ̀, nítorí náà, ẹ bọ́ ti àárọ̀ ní ọ̀sán, ẹ nu ẹsẹ̀, kí ẹ wọ èkejì. Ti ọ̀rá kì í mu nǹkan kan. Omi gbígbóná ni kí ẹ fi fọ ti òwú, kí ẹ yí inú rẹ̀ síta nínú oòrùn. Ẹ̀yin tó ń wọ bùútù rọ́bà, inú omi nìkan ni kó ti wà lẹ́sẹ̀ yín. Rọ́bà kò jẹ́ kí omi wọlé, kò sì jẹ́ kí òógùn jáde.

Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tó ń rùn ni èbu wà lára rẹ̀. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ní ihò kéékèèké bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, kòkòrò ló sábà máa ń fà á, oògùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Bí èékánná bá ti nípọn tó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìpara lásán kò ní kápá rẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ dán oògùn wò lọ́dọ̀ mi tàbí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọsíbítù ni kó lọ. Bí ẹsẹ̀ bá wú, tó gbóná, tí pípọ́n ń gun ojúgun lọ, tàbí tí ibà dé, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ, ẹ má dúró de òwúrọ̀.

Ọmọkùnrin yẹn fi bébà àti fáànù ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó ra bùútù kejì. Ìgbà tó tún yà síbí, ìwé ìròyìn àtijọ́ ló wá bèèrè. Mo kó gbogbo èyí tó wà nílé fún un.