Bí mo ṣe tún ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán mi kọ

Mo fẹ́ fi owó lé ọṣẹ tí mò ń tà. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ lórí ayélujára ni pé, "Ẹ má bínú, gbogbo nǹkan ti wọ́n." Oníbàárà mi àtijọ́ kan bi mí pé, "Ṣé ẹ tún máa fi owó lé e lóṣù tó ń bọ̀ ni?" Ó dùn mí, àmọ́ ó jàre. Mo tún un kọ:

"Láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, owó ọṣẹ wa yóò fi ìdá 10 nínú 100 lé. Òróró tí a fi ń ṣe é ló wọ́n. A ò dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Títí di ọjọ́ náà, iye àtijọ́ lẹ ó san."

Iye àti ọjọ́ ni mo fi ṣáájú, torí ìlà àkọ́kọ́ ló ń hàn kí èèyàn tó ṣí ìyókù. Oníbàárà yẹn ló kọ́kọ́ ra mẹ́ta.