Bí mo ṣe fi bébà gígé kọ́ ọmọ méjìdínlọ́gọ́rin ní fíràkṣọ̀n

Pírámárì fọ́ọ̀ ni mò ń kọ́, ọmọ 78 ló wà nínú kíláàsì kan ṣoṣo, bẹ́ńṣì ọmọ mẹ́ta ni ọmọ márùn-ún fún ara wọn sí. Ìlànà ìjọba ní ọmọ 35 ni kó wà lọ́dọ̀ tíṣà kan, ẹ̀rín ló máa ń pa wá tá a bá rántí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi kọ́ wọn ní fíràkṣọ̀n, mo ya róbótó sí bọ́ọ̀dù, mo pín in, mo fi ṣọ́ọ̀kì kun apá kan, mo ní ṣé ó yé yín, gbogbo wọn ní yẹ́ẹ̀sì mà. Mo wá ní kí wọ́n mú bébà, kí wọ́n kọ èyí tó tóbi jù sílẹ̀, 1/4 àbí 1/8. Ọmọ 51 kọ 1/8.

Inú kọ́kọ́ bí mi o, mi ò ní purọ́. Àmọ́ mo pe ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan tí màmá ẹ̀ ń ta búrẹ́dì ní gáréèjì, mo ní báwo lo ṣe rò ó. Ó wò mí bíi pé èmi ni nǹkan ò yé, ó ní "Áńtí, ṣé éètì ò ju fọ́ọ̀ lọ ni?"

Ọmọ yẹn ò gbàgbé nǹkan kan, kì í sì í ṣe olódo. Òfin kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tí kò já a kulẹ̀ rí látìgbà tó ti ń ka ení èjì, pé nọ́ńbà tó bá tóbi, nǹkan ẹ̀ ló máa pọ̀. Òfin yẹn ló fi ka gbogbo ohun tí mo kọ sí bọ́ọ̀dù fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà yẹn ni ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nípa Jean Piaget, ará Swítsáláńdì yẹn, wá yé mi dáadáa. Kọnsitirọ́kítífísíìmù ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ náà, à ń há a sórí fún ìdánwò nígbà yẹn ni. Ohun tó ń sọ ni pé orí ọmọ kì í ṣe agbè òfìfo, ó ti kọ́ nǹkan síbẹ̀ kó tó délé-ìwé, ohun tuntun tó bá bá ti tẹ́lẹ̀ mu á kàn lọ dúró sí ààyè tó wà níbẹ̀, èyí tí kò bá bá a mu ló máa jẹ́ kó tún ilé náà tò, ìyẹn tó bá rí i fúnra ẹ̀ pé kò bá a mu o. Èmi sì kúkú ń sọ ọ́ fún un ni, òun ò rí nǹkan kan.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé bébà. Mo kó àwọn ìwé àjákọ àtijọ́ jọ, mo gé ojú ìwé sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tẹ́ẹ̀pù, ọmọ méjìméjì ló máa lo mẹ́rin, ìyẹn 156 fún kíláàsì. Nígbà tí bébà mi tán mo lọ yọ fúlúsíkáàpù mélòó kan kún un. Ẹ rántí fúlúsíkáàpù yẹn, a máa padà débẹ̀.

Mo pín wọn sí ẹgbẹ́ 13, ọmọ mẹ́fà mẹ́fà. Mo ti dán ẹgbẹ́ ọlọ́mọ mẹ́fà wò rí, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ kan tó mọ̀wé á ṣe gbogbo ẹ̀, àwọn tó kù á máa fa ìmú. Lev Vygotsky, ará Rọ́ṣíà, ní ohun kan wà tí ọmọ lè dá ṣe, èyí kan tún wà tó lè ṣe tí ẹlòmíì bá fà á lọ́wọ́ díẹ̀, àárín méjèèjì yẹn sì ni ẹ̀kọ́ wà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ọmọ sọ ìdáhùn fún ẹnìkejì ẹ̀ kì í ṣe fífà lọ́wọ́ nìyẹn, gbígbé pọ̀n ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pín ara wọn sí méjìméjì, ẹnì kan á ká bébà, ẹnìkejì á kọ̀wé, ẹni tí mo bá sì ní kó ṣàlàyé kì í ṣe ẹni tó ká a. Òfin kékeré yẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lóòótọ́, torí ẹni tí kò ká a mọ̀ pé òun ni mo máa bi.

Ká tó ká nǹkan kan, mo ní ká ní bébà yìí jẹ́ búrẹ́dì, ta ló máa jẹ púpọ̀ jù, ẹni tí àwọn mẹ́rin pín in àbí ẹni tí àwọn mẹ́jọ pín in? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju bébà gan-an lọ o, torí ọmọ tí kò bá tíì sọ tẹnu ẹ̀, ohunkóhun tó bá rí lórí bébà á ní "mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀" ni. Lẹ́yìn náà wọ́n wá ká ọ̀kan sí méjì, ọ̀kan sí mẹ́rin, ọ̀kan sí mẹ́jọ, wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ láìká, wọ́n kọ 1/2, 1/4, 1/8 sí i lára. Ọmọ oníbúrẹ́dì mi ya ẹyọ kan nínú mẹ́jọ, ó gbé e lé ẹyọ kan nínú mẹ́rin lórí, ó tún un gbé, ó fi èékánná rìn ín létí, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní "Áńtí, wọ́n pọ̀ ni, àmọ́ wọ́n kéré."

Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń wá gbólóhùn yẹn.

Níbo lèmi wà ní gbogbo àsìkò yẹn? Ìlẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo lóṣòó sí láàárín ẹgbẹ́ kan, débi pé hẹ́dímásítà wa yọjú lójú wíńdò, ariwo ti gba ibẹ̀, ó ní "Ṣé kò sí tíṣà ní kíláàsì yìí ni?", mo ní "Mo wà níbí sà", kò rí mi. Ogójì ìṣẹ́jú ò lè ká ẹgbẹ́ 13, ẹni tó bá gbìyànjú ẹ̀ á kàn máa sáré kiri ni. Ẹgbẹ́ márùn-ún ni mo lọ bá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mẹ́rin lọ́jọ́ kejì, mẹ́rin lọ́jọ́ kẹta, mo sì ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ sínú ìwé kékeré kan. Ìbéèrè mi ò ju méjì lọ, "ṣàlàyé fún mi" àti "báwo lo ṣe mọ̀?", tí wọ́n bá sì dáhùn tán mo máa ń dìde kí ojú mi má baà sọ ohun tó wà níkùn mi, torí àwọn ọmọ wa mọ ojú tíṣà kà ju ìwé lọ. Èyí ló le jù fún mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fi ẹnu ṣiṣẹ́, kí èèyàn wá rí àṣìṣe kó pa ẹnu mọ́, ó dà bíi kéèyàn máa wo wàrà tó ń hó lórí iná.

Ọjọ́ kejì la kan 1/3. Kíká sí mẹ́ta le, tí ẹ bá kàn ní kí wọ́n ká a, àárín á tóbi, etí méjèèjì á kéré. Ṣe ni mo ní kí wọ́n ṣẹ́ ẹ bíi lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ fi sínú àpòòwé, kí wọ́n máa fà á títí etí fi bá etí, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò wá dìde pé 1/4 tóbi ju 1/3 lọ, wọ́n gbé e sókè, mo wò ó, òótọ́ ni! Ọwọ́ mi ti fẹ́ lọ gba bébà yẹn ya kí n tó rí i pé 1/3 tiwọn, ìwé àjákọ ni, 1/4 tiwọn, fúlúsíkáàpù ni. Ẹ̀bi mi ni. Ìwé àjákọ gùn tó 20 sẹ̀ntímítà, fúlúsíkáàpù tó 33, ẹ fi mẹ́ta pín ti àkọ́kọ́, ẹ fi mẹ́rin pín ìkejì, ẹ̀yin náà á rí i.

Mi ò sọ nǹkan kan. Mo gbé bébà méjèèjì wá síwájú, mo fi ọwọ́ mú un sókè, mo ní àwọn yìí ní 1/4 ló tóbi, kí lẹ rí sí i? Wọ́n jiyàn díẹ̀, ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn wá pariwo pé "Búrẹ́dì tiwọn gùn ju tiwa lọ, ìrẹ́jẹ ni!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kókó ọ̀rọ̀ lọmọ yẹn sọ, pé a ò lè fi ìdá wé ìdá bí odidi tá a pín ò bá dọ́gba. Róbótó tí mò ń yà sí bọ́ọ̀dù dọ́gba nígbà gbogbo, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó bi mí rí.

Àwọn kan rò pé ọ̀nà yìí túmọ̀ sí kí tíṣà má sọ nǹkan kan rárá. Rárá o. Bí wọ́n ṣe ń kọ 1/4, kí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ máa sọ iye ìpín, àdéhùn àwọn èèyàn nìyẹn, ọmọ ò lè rí i nínú bébà títí ayé, mo kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù ni, mo sọ ọ́ tààrà. Lọ́dún 2006, àwọn olùwádìí mẹ́ta kan, Kirschner, Sweller àti Clark, kọ̀wé pé tá a bá fi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nǹkan sílẹ̀ kó máa dá wá a kiri, ẹrù á wọ orí ẹ̀ jù, mo sì gbà pẹ̀lú wọn níbẹ̀. Èmi ni mo yan bébà, èmi ni mo yan ìbéèrè, ohun tí mo fi sílẹ̀ fún wọn ni kí wọ́n rí i kí wọ́n sì sọ ọ́.

Èdè náà tún ràn wá lọ́wọ́. Tá a bá ní "wọ́n ófà fọ́ọ̀", ohùn lásán ni létí wọn, ṣùgbọ́n "ìdá kan nínú mẹ́rin" ti sọ fún wọn pé nǹkan kan wà tá a pín sí mẹ́rin, ọ̀kan nínú ẹ̀ rèé. Kò yà mí lẹ́nu pé nígbà tí Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ẹ̀kọ́ yẹn, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ọmọ pírámárì ní ìṣirò fún ọdún mẹ́fà.

Ó gba àkókò sha. Píríọ́dù mẹ́ta ni mo lò sórí ohun tí ètò iṣẹ́ wa fún ní ẹyọ kan, mo ṣì ń jẹ gbèsè ẹ̀ dòní. Lọ́jọ́ Fúráídè mo tún bi wọ́n ní 1/4 àti 1/8, mo wá fi 1/5 àti 1/6 tí a ò ká rí kún un. Ọmọ 14 ló ṣì gbà á sódì, púpọ̀ nínú wọn ò wá lọ́jọ́ tá a ká bébà. Inú mi dùn, mo wá fi ìbéèrè kan kún un fún ìgbéraga, 3/4 àti 1/2, èwo ló tóbi? Ọ̀pọ̀ wọn kọ 1/2, ọmọ oníbúrẹ́dì mi náà. Mo bi í, ó ní tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá ti tóbi, nǹkan ẹ̀ á kéré. Ó ti kọ́ òfin tuntun, kò tiẹ̀ wo nọ́ńbà òkè mọ́.

Mọ́ńdè la máa kan ìyẹn. Mo ti gé bébà, lọ́tẹ̀ yìí mo fi rúlà wọ̀n ọ́n.